Lẹ́tà sí ẹ́ńbásì lórí àkókò tí iṣẹ́ dá dúró: bí a ṣe ń kọ ọ́ láti Abẹ́òkúta

Nínú fọ́ọ̀mù físà àbẹ̀wò ti Kánádà, IMM 5257, apá kan wà tó ń béèrè iṣẹ́ tí ènìyàn ti ṣe láàrin ọdún 10 sẹ́yìn, pẹ̀lú ọdún àti oṣù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń dúró tí wọ́n á ní, "Oṣù tí mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ńkọ́? Kí ni kí n kọ síbẹ̀?" Àwọn kan á fo àkókò náà bí ẹni pé kò sí. Àwọn mìíràn á na iṣẹ́ àtijọ́ síwájú díẹ̀, wọ́n á fa iṣẹ́ tuntun sẹ́yìn díẹ̀, títí méjèèjì á fi pàdé. Ọgbọ́n kejì yìí ló burú jù, nítorí àlàfo kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lójú òfin Kánádà, irọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Abala 16 òfin ìwọ̀lú wọn sọ pé ẹni tó ń tọrọ físà gbọ́dọ̀ dáhùn gbogbo ìbéèrè pẹ̀lú òótọ́. Abala 40 sọ pé ẹni tó bá parọ́ tàbí tó fi ohun tó ṣe pàtàkì pamọ́ lè di ẹni tí wọn ò ní gbà wọlé fún ọdún 5. Nítorí oṣù mélòó kan tí à bá fi ojú ìwé kan ṣàlàyé, ọdún márùn-ún lè lọ.

Ti Kánádà ni mo mú láti fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí ibẹ̀ ni lẹ́tà yìí ti wúlò jù. Fọ́ọ̀mù DS-160 ti Amẹ́ríkà náà ń béèrè iṣẹ́ ọdún 5 sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ojú fèrèsé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ̀rọ̀ ti máa ń yanjú níbẹ̀: ẹnu lẹ máa fi ṣàlàyé, òṣìṣẹ́ náà sì lè má wo ìwé kankan lọ́wọ́ yín. Ní ti físà àbẹ̀wò sí Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ àti owó tó ń wọlé ni wọ́n dojú ìbéèrè kọ jù. Ní ti Kánádà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ò ní rí òṣìṣẹ́ kankan lójúkojú. Wọ́n á lọ tẹ̀ka l'Ékòó, wọ́n á padà sí Abẹ́òkúta, ìwé ni yóò máa sọ̀rọ̀ fún wọn lẹ́yìn náà. Ohun tí ìwé kò bá sọ, kò sí ẹni tí yóò bá yín sọ ọ́.

Kí ẹ tó mú bírò, ẹ mọ ohun tí òṣìṣẹ́ físà ń wá nínú àlàfo náà. Ohun mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́, níbo lẹ wà nígbà yẹn, kí lẹ sì ń ṣe? Ẹni tí ìtàn rẹ̀ pòórá fún ọdún méjì lè jẹ́ ẹni tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn láìgba ìwé. Èkejì, ta ló ń bọ́ yín? Bí owó oṣù bá dúró tí owó ilé àti owó ilé ìwé ọmọ kò dúró, owó ń ti ibì kan wá, wọ́n sì fẹ́ mọ ibẹ̀. Ẹ̀kẹta, báwo ni àlàfo náà ṣe parí, kí ló sì dè yín mọ́lé báyìí? Abala 179 nínú ìlànà wọn sọ pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbà lọ́kàn pé ẹni náà yóò kúrò ní Kánádà nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n fún un bá pé. Lẹ́tà tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tó bá ń ṣàròyé nìkan, tó ń sọ bí ayé ṣe le tó, kò tíì dáhùn ọ̀kan.

Kí gbogbo rẹ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ ká mú olùkọ́ obìnrin kan tó ń gbé ní Ọbańtòkò, tó fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Toróńtò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ìsinmi ọdún 2026. Ó ti ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé aládàáni kan láti oṣù kẹsàn-án 2014. Ní oṣù kẹta 2020 wọ́n ti ilé ìwé pa nítorí àrùn Kòrónà, owó oṣù dúró, ilé ìwé náà kò sì pè é padà nígbà tí wọ́n wọlé. Ní oṣù keje ọdún yẹn, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá rẹ̀. Òun ló wà lẹ́yìn ìyá. Nígbà tí ara ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀, ó ń ra àdìrẹ ní Ìtòkú, ó ń tà á fún àwọn ojúlùmọ̀ l'Ékòó àti n'Íbàdàn. Ní oṣù kìíní 2022 ilé ìwé mìíràn gbà á sí iṣẹ́ alábòójútó, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní. Bí ẹ bá bi í léèrè, yóò ní ọdún kan àti oṣù mẹ́sàn-án ni òun kò fi níṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i láìpẹ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kàlẹ́ńdà. Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ oṣù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti oṣù tí owó iṣẹ́ àtijọ́ wọlé kẹ́yìn dé oṣù tí owó iṣẹ́ tuntun kọ́kọ́ wọlé. Níwájú oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta: ibi tí ẹ wà, ohun tí ẹ ń ṣe, ibi tí owó ti wá. Ẹ má fi orí ṣe é o, orí a máa gbàgbé. Ẹ ṣí sítétímẹ́ǹtì báńkì ìgbà náà sílẹ̀ kí ẹ máa wò ó. Ti oṣù mẹ́fà tó kẹ́yìn, èyí tí gbogbo ènìyàn ń gbà fún físà, kò dé ibẹ̀. Ẹ lọ sí ẹ̀ka báńkì yín, yálà ní Òkè-Ìlẹ̀wò tàbí ní Pánṣẹ́kẹ́, ẹ ní kí wọ́n tẹ ti àkókò yẹn gan-an jáde. Ti olùkọ́ wa yìí, oṣù kìíní 2020 sí oṣù kẹta 2022 ló béèrè. Ó fi oṣù mẹ́ta ṣáájú àti oṣù mẹ́ta lẹ́yìn, kí òṣìṣẹ́ lè fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí owó oṣù ti dúró àti ibi tó ti tún bẹ̀rẹ̀.

Nínú kàlẹ́ńdà yìí ni òótọ́ tí ènìyàn ò rò ti máa ń jáde. Nígbà tí olùkọ́ náà wo sítétímẹ́ǹtì rẹ̀, ó rí i pé láti oṣù kejì 2021 lòun ti ń fi owó ránṣẹ́ sí àwọn oníṣòwò àdìrẹ ní Ìtòkú, tí owó àwọn oníbàárà sì ń wọlé padà, díẹ̀díẹ̀. Òwò nìyẹn. Òwò sì jẹ́ iṣẹ́, bí kò tilẹ̀ ní ìforúkọsílẹ̀ CAC. Ẹni tó bá kọ pé òun kò níṣẹ́ ní àsìkò yẹn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ àlàfo tòótọ́ di ńlá, ó sì tún fi ìbéèrè sílẹ̀: owó wo ló ń wọlé yìí? Nílùú wa, ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń sọ pé "mi ò ṣe nǹkan kan nígbà yẹn" ló ń ta gààrí láti Láfẹ́ńwá, tó ń ránṣọ tàbí tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé nínú ilé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Ẹ má sì sọ ọ́ di ohun tí kò jẹ́. Ẹni tó ń ra ìgàn mẹ́wàá lóṣù kì í ṣe olùdarí ilé iṣẹ́ aṣọ.

Nítorí náà, ohun tó wọ inú fọ́ọ̀mù rẹ̀ rèé, ti lọ́ọ́lọ́ọ́ lókè:

```
2022-01 – present   School administrator
2021-02 – 2021-12   Self-employed, adire trader
2020-04 – 2021-01   Unemployed, caring for mother
2014-09 – 2020-03   Teacher
```

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí oṣù kan tó sọnù láàrin ìlà kan àti èkejì. Àlàfo oṣù 21 tó ń bẹ̀rù ti di oṣù 10 tí kò níṣẹ́ rárá, àti oṣù 11 òwò kékeré. Àìníṣẹ́ náà ní ìlà tirẹ̀. Ohun tí fọ́ọ̀mù náà ń fẹ́ nìyẹn, pé kí ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe, kódà bó jẹ́ pé ilé lẹ wà.

Lẹ́yìn kàlẹ́ńdà ni ìwé ẹ̀rí. Ìlànà kan ni mo fi ń yan ìwé: èyí tí ẹlòmíràn kọ nígbà tí nǹkan náà ń ṣẹlẹ̀ lágbára ju èyí tí ẹ̀yin fúnra yín kọ lónìí. Lẹ́tà tí ilé ìwé kọ ní 2020 pé àwọn ò ní lè gba gbogbo olùkọ́ padà dára gan-an. Bí kò bá sí irú rẹ̀, bó ṣe sábà máa ń rí ní ilé ìwé aládàáni tó jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́, sítétímẹ́ǹtì tó fi owó oṣù tó wọlé kẹ́yìn hàn lè ṣiṣẹ́ náà. Àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì náà wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í rántí rẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí ilé iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa san owó sínú àkáǹtì òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí tiyín bá ń san án, ìwé tí ilé iṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì yóò tẹ̀ fún yín á fi oṣù tí owó wọlé àti oṣù tí kò wọlé hàn, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó san án. Kò sí ẹ̀rí tó mọ́ ju èyí lọ, kódà bí ilé iṣẹ́ náà bá ti kógbá wọlé tí kò sí ẹni tó máa gbé fóònù níbẹ̀ mọ́.

Fún àìsàn ìyá, ẹ tọrọ ìwé ìròyìn dókítà lọ́wọ́ ẹ̀ka tó ń tọ́jú fáìlì ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti tọ́jú wọn, yálà ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà ni tàbí ibòmíràn. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ni orúkọ aláìsàn, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde, àti gbólóhùn kan pé ó nílò ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ nílé. Ó tó. Ẹ má fi fọ́tò ìyá lórí ibùsùn ránṣẹ́, ẹ má sì kó rìsíìtì oògùn ogún jọ. Òṣìṣẹ́ tó ní fáìlì púpọ̀ níwájú kì í ka irú rẹ̀, ọlá ìyá yín náà sì ṣe pàtàkì. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi kún un ni ìwé tó fi hàn pé ìyá yín ni lóòótọ́, bí orúkọ bàbá yín àti tiwọn kò bá bára mu. Ìwé ẹ̀rí ìbí yín tó ní orúkọ ìyá máa ń ṣe é.

Ìwé ìbúra kóòtù ńkọ́? Àwọn ènìyàn máa ń sáré lọ sí kóòtù ní Ìsàbọ̀ kí wọ́n tó wá ìwé mìíràn, torí pé ọjọ́ kan ló máa ń parí. Ẹ fi í sí ìkẹyìn. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín náà ni, tí ẹ wulẹ̀ búra lé lórí. Ó wúlò níbi tí ìwé kò ti lè sí, bíi ti òwò àdìrẹ tí owó ọwọ́ sí ọwọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Kò lè rọ́pò sítétímẹ́ǹtì, kò sì lè tún ọjọ́ tí kò bára mu ṣe. Ẹ sì rántí pé ẹni tó bá fi ìbúra parọ́ ti ṣẹ̀ sí òfin tilé náà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ fi gbogbo ẹnu sọ. Ní àyíká àwọn ilé tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, ẹ lè rí ẹni tó máa ní òun á bá yín ṣe lẹ́tà iṣẹ́ tó bo gbogbo oṣù náà, pẹ̀lú sítáǹpù àti nọ́ḿbà fóònù. Ẹ má gbà á. Òṣìṣẹ́ físà lè pe nọ́ḿbà tó wà lórí lẹ́tà náà, ó sì lè wo sítétímẹ́ǹtì tí owó oṣù kankan kò wọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá tú, ọdún 5 ti abala 40 yẹn, orúkọ yín ló máa wà lórí rẹ̀, kì í ṣe orúkọ ẹni tó tẹ̀wé fún yín.

Ó wá ku lẹ́tà fúnra rẹ̀. Ojú ìwé kan ni, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé ni wọ́n ń gbà, ìwé tó bá sì wà ní èdè mìíràn gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ àti ìbúra ẹni tó tú u. Nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn, irú èyí tí ẹ fi ń bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀. Mo kọ ti olùkọ́ wa sí Yorùbá níbí kí ẹ lè rí bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀ léra.

> Sí Òṣìṣẹ́ Físà,
>
> Àlàyé lórí iṣẹ́ mi láti oṣù kẹrin 2020 dé oṣù kejìlá 2021
> (Orúkọ bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù, ọjọ́ ìbí, nọ́ḿbà páásípọ́ọ̀tù)
>
> Mo ń tọrọ físà láti lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Toróńtò láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 2026. Mo kọ lẹ́tà yìí láti ṣàlàyé àkókò tí mi ò fi ṣe iṣẹ́ olówó oṣù.
>
> Mo jẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé (orúkọ), Abẹ́òkúta, láti oṣù kẹsàn-án 2014. Wọ́n ti ilé ìwé náà pa ní oṣù kẹta 2020 nítorí àrùn Kòrónà. Owó oṣù kẹta 2020 ni mo gbà kẹ́yìn, wọn kò sì pè mí padà nígbà tí wọ́n ṣí i (ìwé 1).
>
> Láti oṣù kẹrin 2020 dé oṣù kìíní 2021 mi ò níṣẹ́. Ní oṣù keje 2020 àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi, èmi ni mo sì ń tọ́jú wọn nílé (ìwé 2). Abẹ́òkúta ni mo wà ní gbogbo àkókò yìí. Owó oṣù ọkọ mi, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, la fi ń gbọ́ bùkátà ilé (ìwé 3). Ẹ̀gbọ́n mi tí mò ń lọ kí náà fi owó ránṣẹ́ ní ìgbà mẹ́ta fún ìtọ́jú ìyá wa. Ó wà nínú sítétímẹ́ǹtì mi.
>
> Láti oṣù kejì dé oṣù kejìlá 2021 mò ń ra aṣọ àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú, mo sì ń tà á. Òwò kékeré ni, n kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo fi àmì sí owó rírà àti owó títà nínú sítétímẹ́ǹtì (ìwé 4).
>
> Láti oṣù kìíní 2022 mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ alábòójútó ní ilé ìwé (orúkọ). Wọ́n ti fún mi ní ìsinmi fún ìrìn àjò yìí, mo sì gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 2026 (ìwé 5). Ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì kò bá mi lọ. Ìyá mi ń gbé pẹ̀lú wa.
>
> Emi ni tiyín ní tòótọ́,
> (Ìbuwọ́lùwé, orúkọ, ọjọ́, nọ́ḿbà fóònù, ímeèlì)

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí lẹ́tà yìí ṣe àti ohun tó kọ̀ láti ṣe. Kò sọ pé "nítorí àwọn ìdí tó kọjá agbára mi". Gbólóhùn yẹn wà nínú ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí mo ń rí, kò sì sọ nǹkan kan. Ẹ fi oṣù àti ohun tó ṣẹlẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Kò bú ilé ìwé àtijọ́. Kò bẹ̀bẹ̀, kò fi Ọlọ́run bẹ òṣìṣẹ́, kò sì ṣe ìlérí pé òun á padà. Ọjọ́ ìwọṣẹ́ tó wà nínú lẹ́tà ìsinmi ló fi rọ́pò ìlérí náà. Gbogbo ìlà tó ní ọ̀rọ̀ ńlá ní ìwé tirẹ̀ lẹ́yìn.

Ìlà tó sọ nípa owó ẹ̀gbọ́n ni àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ yọ kúrò. Wọ́n ní ó máa jọ pé ẹni náà gbára lé ẹni tó wà ní Kánádà. Èrò tèmi yàtọ̀. Owó náà wà nínú sítétímẹ́ǹtì, òṣìṣẹ́ á rí i. Bó bá rí i tí ẹ ti sọ ọ́, àlàyé ni. Bó bá rí i tí ẹ ò sọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ló máa wá àlàyé fún un, èyí tó bá sì wá lè má ṣe yín lóore.

Ọjọ́ inú ìtàn ìlú náà gbọ́dọ̀ bá ibi tí ẹ ń gbé mu. Mo ti rí ẹni tó ń gbé ní Abẹ́òkúta tó kọ pé ìsémọ́lé bẹ̀rẹ̀ níbí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2020. Ti Èkó àti Àbújá nìyẹn. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ló bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n máa tìtorí ọjọ́ mẹ́rin yẹn kọ̀, ṣùgbọ́n bí irú rẹ̀ bá pọ̀, ó ń fi hàn pé lẹ́tà ẹlòmíràn lẹ dà kọ.

Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ tẹ́ gbogbo ìwé yín sílẹ̀ lórí tábìlì: fọ́ọ̀mù, lẹ́tà, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, sítétímẹ́ǹtì, ìwé tí ẹ̀gbọ́n kọ láti pè yín. Ẹ fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọjọ́ tó jẹ mọ́ iṣẹ́. Bí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ bá sọ pé ọjọ́ 10 oṣù kìíní 2022, tí fọ́ọ̀mù sì sọ pé oṣù kejì, ẹ tún fọ́ọ̀mù ṣe. Bí ẹ bá ti tọrọ físà kan rí, sí Kánádà tàbí sí ibòmíràn, ẹ wá ẹ̀dà fọ́ọ̀mù ìgbà yẹn jáde. Èyí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, òun ló sì léwu jù, torí pé Kánádà ń tọ́jú ohun tí ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀. Bí ti àtijọ́ bá yàtọ̀ sí ti báyìí, ẹ fi ìlà kan kún lẹ́tà: ẹ sọ ohun tí ẹ kọ nígbà náà, ẹ sọ èyí tó tọ̀nà, ẹ sọ ìdí tí wọ́n fi yàtọ̀.

Ẹ má fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ẹ́ńbásì lọ́tọ̀, yálà ní ímeèlì tàbí ní ọwọ́. Kò ní bá fáìlì yín pàdé. Nínú àkáǹtì tí ẹ fi ń tọrọ físà, ẹ wá àyè tí wọ́n pè ní `Client Information`, ibẹ̀ ni wọ́n ṣe fún irú àlàyé báyìí. Fáìlì kan ṣoṣo ni àyè náà ń gbà, kò sì gbọdọ̀ ju `4 MB` lọ. Nítorí náà ẹ so lẹ́tà àti ìwé 1 sí 5 pọ̀ sínú PDF kan, kí lẹ́tà wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Àwọn fọ́tò tí fóònù ń yà máa ń tóbi. Ẹ lo ohun èlò tó ń ya ìwé nínú fóònù dípò kámẹ́rà lásán, kí ẹ yan dúdú àti funfun fún àwọn ojú ìwé sítétímẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí PDF náà lórí fóònù ẹlòmíràn, kí ẹ wò ó bóyá ọjọ́ àti owó ṣeé kà. Sítétímẹ́ǹtì tí kò ṣeé kà kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ò fi síbẹ̀. Ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ kàn nìkan ni kí ẹ mú nínú sítétímẹ́ǹtì àtijọ́ náà, pẹ̀lú ojú ìwé àkọ́kọ́ tó ní orúkọ yín.

Àwọn àlàfo mìíràn rọrùn ju èyí lọ. Oṣù kan sí méjì láàrin iṣẹ́ kan àti òmíràn kò nílò lẹ́tà, ìlà kan nínú fọ́ọ̀mù tó. Ẹni tó bímọ tó sì dúró ti ọmọ, ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ àti orísun owó ilé ló máa fi sí i. Ẹni tó ń dúró de ìwé ìpè àgùnbánirọ̀, kó fi ọjọ́ tó parí fásitì àti ọjọ́ tó wà lórí ìwé ìpè náà hàn. Àwọn tó ka ìwé ní Alábàtà tàbí fásitì ìjọba mìíràn, tí ọdún mẹ́rin wọn di mẹ́fà, kí wọ́n dárúkọ ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì: ti 2020 láti oṣù kẹta dé oṣù kejìlá, àti ti 2022 láti ọjọ́ 14 oṣù kejì dé ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ní gbogbo ìgbà yẹn, wọn kì í ṣe aláìníṣẹ́. Ẹni tó jẹ́ pé ara tirẹ̀ ni kò yá, kó sọ pé òun gba ìtọ́jú láti oṣù báyìí dé oṣù báyìí àti pé ara òun ti yá sí iṣẹ́. Lẹ́tà àlàfo kò nílò orúkọ àrùn náà. Ẹni tí wọ́n lé kúrò níṣẹ́, kó sọ pé wọ́n fòpin sí iṣẹ́ òun ní ọjọ́ báyìí, kó fi ìwé rẹ̀ sí i, kó sì kọjá síbi ohun tó ṣe lẹ́yìn náà.

Ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tí àlàfo rẹ̀ kò tíì parí. Bí ẹ ò bá níṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí, ìtàn àtijọ́ kọ́ ni òṣìṣẹ́ máa bi yín, ohun tó ń dá yín padà wálé ni. Lẹ́tà àlàfo kò lè dáhùn ìyẹn nìkan. Ìwé ilé, ọkọ tàbí aya tó ní iṣẹ́, ọmọ tó wà nílé ìwé, òwò tí owó rẹ̀ ń hàn ní báńkì lóṣooṣù, àwọn ló ní láti gbé e. Bí kò bá sí ọ̀kan nínú wọn, mo máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kó dúró kí òwò tàbí iṣẹ́ tuntun fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ná, kí owó físà dọ́là Kánádà 100 àti ti ìka títẹ̀, dọ́là 85, má bàa lọ lásán. Wọn kì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀.

Bí wọ́n bá sì kọ̀ yín pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ má tíì tún lẹ́tà kọ. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ sábà máa ń sọ ìdí ní ṣókí, bí àpẹẹrẹ pé iṣẹ́ yín lọ́wọ́lọ́wọ́ kò tẹ́ àwọn lọ́rùn, tàbí ìdí ìrìn àjò, tàbí owó. Ohun tí òṣìṣẹ́ kọ sílẹ̀ gan-an wà nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GCMS. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Kánádà lè fi dọ́là 5 béèrè rẹ̀ lórúkọ yín bí ẹ bá buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda IMM 5744 fún un. Ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá mẹ́nu ba oṣù kan tàbí ìwé kan nínú àlàfo náà, ibẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe nínú lẹ́tà tuntun, kí ẹ sì fi ìwé tó lágbára sí i tì í lẹ́yìn. Bí kò bá mẹ́nu bà á rárá, lẹ́tà yín ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ yí ọjọ́ ìrìn àjò, ìwé ìsinmi àti ọjọ́ ìbuwọ́lùwé nìkan padà, kí ẹ sì kọjú sí apá tí wọ́n dárúkọ.